Bí Mo Bá Dùbúlẹ̀, Á Dìde

Ẹnu mi mú. Mi ò ní fi pamọ́ fún yín, torí ẹnu yẹn wà lára ohun tó dá ọ̀ràn yìí sílẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkàrẹ́, bí oníbàárà bá gbé fóònù wá pé fídíò òun dorí kodò, kó tó rí ibi jókòó ni màá ti bi í pé, "Ta ló kọ́ yín pé kẹ́ ẹ máa di fóònù mú báyẹn?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyá onífídíò, ẹ má bínú." Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì bá wọn ṣe é. Ọkọ mi ló kọ́ mi níṣẹ́ náà kó tó kú fi mí sílẹ̀. Òun ló máa ń wà lẹ́yìn kámẹ́rà nígbà gbogbo. Fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú ìdajì Àkókó wà lọ́wọ́ mi títí dòní, ṣùgbọ́n mi ò ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tí ojú tirẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti sọ òwe yẹn di tèmi. Bí mo bá ti parí iṣẹ́ oníbàárà, tí mo fi hàn án pé gbogbo orí ti wà lókè, màá pa á, màá na ọwọ́ gba owó mi. Orí ẹnikẹ́ni kì í wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn.

Bàbá náà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan. Ọ̀kà ló ti wá. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tó mọ́ tónítóní, àfi pé bọ́tìnnì rẹ̀ fò kan, ẹ̀gbẹ́ kan wá gùn ju èkejì lọ. Mo fẹ́ sọ fún un, mo tún ní kí n fi í sílẹ̀. Ó yọ fóònù rẹ̀ láti inú áńkáṣíìfù tó fi wé e, ó gbé e síwájú mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ní, "Ìyá wọn ló lọ. Ọjọ́ Ẹtì la máa sin ín."

Mo kí i kú àfẹ́kù, mo kí i kú ara fẹ́ra kù. Ó dáhùn bí ó ti yẹ, ó wá sọ ohun tó gbé e wá. Wọ́n fẹ́ kí ìjọ rí ìyàwó rẹ̀ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ níbẹ̀ ti kó fídíò láti inú fóònù rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ìjọ, èyí tó ti dàgbà tó ń wú ikọ́.

"Lórí fóònù mi, ó dúró dáadáa," ni Bàbá wí. "Lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe ló dùbúlẹ̀. Gbogbo rẹ̀! Ó ń rìn lọ sóko, ó dùbúlẹ̀. Ó ń kọrin, ó dùbúlẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tó ti ń dín àkàrà, orí ló fi dúró, epo wà lókè. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn wí, torí ó pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ìyàwó mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ẹtì."

Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín."

Ohun tí mo sọ fún un ni mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn. Ojú tí fóònù fi ń wo nǹkan kì í yí nínú ilé rẹ̀. Bí ẹ gbé fóònù dúró, bí ẹ fi í lélẹ̀ ní ìbú, ọ̀nà kan náà ló ń gbà kó àwòrán jọ. Ohun tó ń ṣe ni pé, bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, á wo apá ibi tí ilẹ̀ wà, á sì kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan mọ́ fídíò náà pé, ẹni tó bá fẹ́ wo èyí, kó yí i báyìí báyìí. Nọ́ńbà lásán ni ọ̀rọ̀ náà. Òdo ni pé kó má yí i rárá. Àádọ́rùn-ún ni pé kó yí i sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan. Ọgọ́sàn-án ni pé kó dojú rẹ̀ dé pátápátá. Fóònù mọ ọ̀rọ̀ yẹn kà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tó dúró dáadáa. Kọ̀ǹpútà ìjọ yín ò kà á. Bí wọ́n ti kó àwòrán náà jọ gan-an ló ń gbé e sí ògiri.

Bàbá mi orí. "A jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ka ìtọ́ni kó tó dáhùn ìbéèrè ni."

"Ẹ ti gbà á, tíṣà!" Inú mi dùn sí i. Mo ní màá yí àwòrán náà fúnra rẹ̀, màá sì sọ nọ́ńbà rẹ̀ di òdo, kó lè dúró dáadáa níbi gbogbo, yálà ẹ̀rọ náà mọ̀wé tàbí kò mọ̀wé. Kí n má parọ́, èèyàn lè yí àwòrán kó gbàgbé nọ́ńbà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fóònù tún yí ohun tí mo ti yí, ìyàwó tuntun àti ọkọ rẹ̀ wá dùbúlẹ̀ gbalaja síwájú pẹpẹ, ìyá ìyàwó sì ṣépè fún mi débi tí etí mi hó. Láti ọjọ́ náà mi ò ṣe àṣìṣe yẹn mọ́. Ẹ rí i, àṣìṣe kan ṣoṣo ni mo rò pé ó wà nínú iṣẹ́ yìí.

Fídíò méje ni. Mo ní ẹ̀rọ kan tí kì í ka nọ́ńbà náà, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fi wo iṣẹ́, kí n lè rí ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì máa rí. Mo pa ohùn rẹ̀, torí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo. Ìkíní, orí wà lápá òsì. Ìkejì, orí wà lápá òsì. Èyí tó ń dín àkàrà dorí kodò. Ẹ̀kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, orí wà lápá òsì. Ìkeje, ojú ìyá náà nìkan, ó sún mọ́ni gan-an, aṣọ funfun wà lẹ́yìn orí rẹ̀, orí wà lápá òsì bíi ti àwọn yòókù. Ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni mo fi wo ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bàbá na ìka sí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ó ní, "Èyí, ọmọ mi, èyí ni..."

Mo ní, "Bàbá, gbogbo wọn ni màá tò. Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́."

Ó panu mọ́. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n dákẹ́, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n gé ahọ́n mi.

Mo yí gbogbo wọn, orí lókè. Èyí tó kẹ́yìn, mo sún un mọ́ra díẹ̀ kó lè kún ojú ògiri, mo wá kó méjèèje sínú fílàṣì fún ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo fẹ́ dá fóònù padà fún un, mo tún ṣí i wò, mo sì rí i pé lórí fóònù pàápàá, níbi tí àwọn mẹ́fà yòókù ti dúró dáadáa, ìkeje yìí ṣì dùbúlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, mo mọ àrùn yìí." Bí èèyàn bá dojú fóònù kọ ilẹ̀, bíi kó máa ya ohun tó wà lórí ẹní, fóònù kì í mọ ibi tí òkè wà mọ́, á kàn kọ nọ́ńbà tó bá wù ú. Mo rò pé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo lo áàpù kan tó ń ṣí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn nìkan. Òdo ló wà níbẹ̀. Mo pa òdo rẹ́, mo kọ àádọ́rùn-ún, mo dá a padà sínú fóònù, mo sì pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, torí fóònù Bàbá ti kún dé ẹnu. Mi ò bi í. Mi ò gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn, ẹ̀bùn ni mo fi ṣe fún un.

Mo wá pa òwe mi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó súre fún mi, ó wọkọ̀ padà sí Ọ̀kà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, òjò ń rọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ni Bàbá wọlé, ó tutù láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn bọ́tìnnì ti fò méjì lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé àga fún un, mo ní, "Ẹ kú ìnáwó, Bàbá. Ṣé ìsìn lọ dáadáa?"

Ó ní, "Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, dá a padà sí bó ṣe wà."

"Kí ni kí n dá padà?"

"Ìyàwó mi. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á dìde."

Mo wò ó. Mo rò lọ́kàn pé ọ̀fọ̀ ti da Bàbá lórí rú. Ó rí i lójú mi. Kò bínú, ó tẹ fídíò keje yẹn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì lé orí tábìlì mi, ó sì gbé fóònù sí iwájú ojú rẹ̀, kí òkè fóònù kọjú sí ibi tí àtàrí òun kọjú sí. Ní kété tó ṣe bẹ́ẹ̀, àwòrán tó wà nínú fóònù yí. Ìyàwó rẹ̀ tún jókòó, ojú rẹ̀ dàbùú ojú ọkọ rẹ̀. Ó gbé orí sókè, obìnrin náà bá a yí. Ó tún fi orí lélẹ̀, obìnrin náà tún dìde.

"Orí bẹ́ẹ̀dì la wà lọ́jọ́ náà," ni Bàbá wí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì. "Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó lọ. Ó ti tó oṣù méjì tí kò lè jókòó mọ́, bí a bá gbé e jókòó, ńṣe ló máa ń ké. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló lè fi sùn. Èmi náà á wá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ojú wa lè ṣe mẹ́rin. Bí mo ṣe yà á nìyẹn, fóònù wà láàárín wa. Mo fẹ́ sọ fún ọ lọ́jọ́ Ajé."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi, ẹlẹ́nu mímú.

Kò tíì tán. Ó jókòó dáadáa, ó wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà ní Arigidi, àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Nígbà tí àìsàn àbúrò le, ẹ̀gbọ́n ti ṣubú, eegun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́, kò lè wá sí Ọ̀kà. Ó wá ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé àbúrò òun wá kí òun fojú kàn án. Bàbá ní kò ṣeé ṣe, pé kò lè jókòó nínú mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Bàbá kọ̀. Àbúrò kú, wọn ò sì fojú kanra.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n ti lè fi ọ̀pá tiro díẹ̀, wọ́n sì dì í mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé àwọn fídíò náà sí ògiri, èèyàn ń sunkún, èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ìkeje dé, wọ́n sì kéde pé ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀ ni wọ́n yà á. Ìyá náà jókòó sójú ògiri, ó tóbi, orí lókè, ó ń sọ̀rọ̀. Ni ẹ̀gbọ́n bá dìde lórí ọ̀pá rẹ̀, ó ní níwájú gbogbo ìjọ, "Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀ nìyí? Ẹni tó jókòó báyìí ni wọ́n ní kò lè jókòó nínú mọ́tò dé Arigidi?"

"Kò tẹ̀ lé wa délé," ni Bàbá wí. "Ó sùn sọ́dọ̀ àwọn kan nítòsí, ó ní òun ò ní mu omi nílé mi láé. Ó fẹ́ padà sílé lẹ́yìn ìdúpẹ́ lọ́la. Àwọn ọmọ mi pàápàá ń wò mí. Èmi alára, ọmọ mi, bí mo ṣe ń wo ògiri yẹn, mo bi ara mi léèrè bóyá ó lè jókòó ni, tí mi ò mọ̀."

Ìyẹn ló pa mí jù. Mo gbé aya jókòó lójú ògiri, mo fi pa irọ́ mọ́ ọkọ rẹ̀, ọkọ wá ń ṣiyè méjì lórí ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí. Mo sunkún lójú rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo gbé e dìde. Èmi ni. Ẹ dárí jì mí."

Ó ní, "Ṣé ó ṣì wà? Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ yẹn, ṣé ó ṣì wà?"

Ẹ̀rù bà mí láti dáhùn, torí mi ò rántí mọ́. Èyí tí mo ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gé e, mo ti sún un, etí rẹ̀ ti lọ. Èyí tó wà nínú fóònù ńkọ́? Ṣé àwòrán ni mo yí, àbí nọ́ńbà nìkan? Mo so fóònù náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ṣí áàpù yẹn. Nọ́ńbà: àádọ́rùn-ún. Mo wo ìwọ̀n àwòrán fúnra rẹ̀, ìbú rẹ̀ ju gíga rẹ̀ lọ. Mo mí kanlẹ̀. Mi ò tíì fọwọ́ kan àwòrán náà. Ìyá náà ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀ nínú rẹ̀ bí wọ́n ti kó o jọ. Ọ̀rọ̀ kékeré tí mo kọ lé e nìkan ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n máa gbé e dìde.

Mo wá wo nọ́ńbà àwọn yòókù, ohun tó yẹ kí n ti wò lọ́jọ́ Ajé. Àádọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún, ọgọ́sàn-án, àádọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún. Èyí nìkan ló jẹ́ òdo tẹ́lẹ̀, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí òun. Fóònù ò ṣì í rárá. Èmi ni mo ṣìṣe.

Mo lè sọ fún un pé kó pa ibi tó ń mú kí àwòrán inú fóònù rẹ̀ máa yí, ìyẹn ì bá tó fún òun nìkan lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ṣùgbọ́n fídíò yẹn á ṣì máa purọ́ fún ẹlòmíì. Mo kọ òdo padà. Nígbà náà ni mo tó wá tan ohùn rẹ̀, tí mo sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gùn. Nígbà tó parí, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé kọ̀ǹpútà mi sínú ọ̀rá kí òjò má pa á, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí Ọ̀kà. Ẹnu tó bà á jẹ́ ló máa tún un ṣe."

A wọkọ̀. Ìkùukùu bo àwọn òkè. Nígbà tí a dé, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n náà fúnra mi níbi tó sùn sí, mo kúnlẹ̀, mo ní iṣẹ́ mi ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, kó jọ̀ọ́, kó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó kọ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó bá ará ilé kan tó tẹ̀ lé e láti Arigidi sọ̀rọ̀ ní èdè ìlú wọn, mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwúre. Nígbẹ̀yìn ó mú ọ̀pá rẹ̀.

Ó jókòó sí pálọ̀ Bàbá bí ẹni tó jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n gbé omi wá, kò wò ó. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà síwájú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, èyí tẹ́ ẹ rí ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyí." Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyá náà wà ní ìjókòó, aṣọ funfun lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Mo ti rí i. Ojú mi ò fọ́."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú òsì rẹ̀. Ẹ wo omi ojú."

Omi jáde lójú ìyá náà. Kò ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́, ó gun orí imú, ó sọdá, ó wọnú ojú kejì. Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ọn. Mo tún un gbé padà, mo tún tẹ̀ ẹ́. Omi náà tún gba ẹ̀gbẹ́ sọdá imú.

Mo ní, "Màmá, bẹ́ ẹ bá jókòó tẹ́ ẹ ń sunkún, ibo ni omi ojú ń gbà?"

Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, lábẹ́ ojú, ó fà á wálẹ̀ sí àgbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀.

Mo wá ṣí èkejì, èyí tí mo ti dá padà. Orí àbúrò rẹ̀ wà lápá òsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rì sínú ohun tí mo pè ní aṣọ lẹ́yìn orí, tó jẹ́ pé ìrọ̀rí ni. Omi kúrò lójú òkè, ó gun imú, ó já sí ojú ìsàlẹ̀, ó kán sórí ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí náà ti tutù níbẹ̀. Ọwọ́ kan tí mo ti gé kúrò nínú ti ṣọ́ọ̀ṣì wà nísàlẹ̀, ọwọ́ arúgbó ọkùnrin, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran," ni ẹ̀gbọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún, ó ń pe àbúrò rẹ̀ ní èdè ìyá wọn, ọ̀pá rẹ̀ ṣubú. Èmi náà ń sunkún. Mo ní, "Èmi ni mo gbé e dìde, Màmá. Ọkọ rẹ̀ ò parọ́. Èmi ni."

Bàbá ò dá sí i. Ó na ọwọ́, ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá, kò pa ilẹ̀kùn dé. A rí i láti ibi tí a jókòó. Ó bọ́ bàtà. Ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀ ní apá tirẹ̀, apá kejì wà lófìfo pẹ̀lú ìrọ̀rí rẹ̀. Ó gbé fóònù náà ti ìrọ̀rí yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ò dìde mọ́. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

A gbọ́ ohùn ìyá náà, ó fúyẹ́, ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀.

"Bàbá ọmọ mi. Ṣé ẹ ti jẹun?"

A sì gbọ́ ohùn Bàbá nínú fóònù, ohùn tó ń fi agídí dún bí ohùn ẹni tí nǹkan ò ṣe: "Mo ti jẹun."

Ibẹ̀ ló parí sí. Bàbá tún un tẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Lọ́tẹ̀ yìí, kí ohùn inú fóònù tó dáhùn, Bàbá ti dáhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Rárá. Mi ò tíì jẹun. Lọ́jọ́ yẹn náà, mi ò jẹun, irọ́ ni mo pa fún ọ."

Ẹ̀gbọ́n nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn. Ó mú ife omi tí wọ́n ti gbé síwájú rẹ̀, ó mu ún tán. Ó ní kí n bá òun mú ọ̀pá òun nílẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó dìde, ó ń tiro lọ sí ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì yíjú padà sí ilẹ̀kùn yàrá.

Ó ní, "Níbo ni àbúrò mi máa ń kó iyọ̀ sí?"